Ẹ Gbé Iyán Síwájú: Bí A Ṣe Ń Tún Ìbẹ̀rẹ̀ Fídíò Ìfihàn Ọjà Ṣe

Fídíò náà bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn. Àmì iléeṣẹ́ kan rọra yọ láàárín, ó pòyì lẹ́ẹ̀mejì, orin ń dún lábẹ́lẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ojú èèyàn tó yọ. Obìnrin kan jáde nínú àǹkárá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún jẹ́ ká ríra. Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ọjà tuntun ni mo tún gbé dé lónìí o, ọjà tó dáńgájíá…” Nígbà tó fi máa sọ èyí tán, ìṣẹ́jú àáyá 17 ti lọ, ọjà tó ní òun gbé dé kò sì tíì fojú hàn. Ẹ̀rọ ìgúnyán ni. Ẹ̀rọ náà dára, iyán tó ń gún sì kúnná, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí fídíò náà kò ní mọ̀ láé. Wọ́n ti fi àtàǹpàkò yí i kọjá, wọ́n ti wà níbi tí ẹlòmíì ti ń dín ẹyin.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹni tó bá ń wo fídíò ìfihàn ọjà lórí fóònù yóò ti rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó bá sì ń tajà lórí fóònù lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ká fi ẹ̀rọ ìgúnyán rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ohun tó sọnù nínú fídíò náà kò jìnnà. Ní ìṣẹ́jú kejì, ó ṣí ideri ẹ̀rọ náà, ó fi ṣíbí bu iyán, iyán náà sì fà bí èyí tí wọ́n fi odó gún. Ibẹ̀ gan-an ni ọjà tà. Kò sí ohun tuntun kan tó yẹ kó lọ wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ló yẹ kó bọ́ síwájú.

Kí èèyàn tó mọ bó ṣe máa tún un ṣe, ó yẹ kó mọ ohun tí òǹwòran ń ṣe lásìkò yẹn. Òǹwòran kò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó yọjú wò. Ó ti ka àkọlé, ó ti rí àwòrán tó wà lójú fídíò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń bi ara rẹ̀: ṣé ohun tí mo ń wá rèé? Jakob Nielsen, ọ̀kan nínú àwọn tó ti pẹ́ jù lọ nídìí ìwádìí nípa báwọn èèyàn ṣe ń lo ayélujára, kọ ọ́ lọ́dún 2011 pé ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù lọ fún ẹni tó bá ṣí ojú-ewé kan, torí pé láàárín rẹ̀ ló ń pinnu bóyá kí òun dúró tàbí kí òun lọ. Ojú-ewé tí wọ́n ń kà ni Nielsen ń sọ, kì í ṣe fídíò. Ṣùgbọ́n fídíò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣe é: ẹni tó ń ka ojú-ewé lè fi ojú wá ìsàlẹ̀ wò fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń wo fídíò gbọ́dọ̀ dúró de olùtajà kó tó rí ohun tó kàn. Dátà tó fi ń dúró náà, owó ló fi rà á.

Ọkùnrin kan wà tó yanjú ìṣòro yìí kí fídíò tó dáyé. Ní ọdún 1854, Elisha Otis wà níbi ìpàtẹ ọjà ńlá kan tí wọ́n ṣe sínú gbọ̀ngàn onígíláàsì ní ìlú Níú Yọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ròkè kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni okùn: bí okùn bá já ńkọ́? Otis ti ṣe ohun kan tó máa mú pẹpẹ ẹ̀rọ náà dúró bí okùn bá já, sípíríǹgì kan tó máa ń tẹ irin wọnú eyín tó wà lára òpó ọ̀tún àti òsì. Kò dúró sílẹ̀ kó máa ṣàlàyé sípíríǹgì fáwọn tó ń kọjá lọ. Ó gun orí pẹpẹ náà, wọ́n fà á ròkè tí gbogbo èrò fi ń rí i, ó sì ní kí wọ́n gé okùn. Pẹpẹ náà já wá díẹ̀, ó sì dúró. Ìgbà náà ni etí èèyàn tó ṣí sílẹ̀ láti gbọ́ nípa sípíríǹgì.

Àwọn tó wà níbi ìpàtẹ yẹn kò yàtọ̀ sí àwọn tó ń fi àtàǹpàkò yí fídíò kọjá. Wọ́n ń rìn lọ, ọjà pọ̀ lápá ọ̀tún, ó pọ̀ lápá òsì. Ohun tí Otis ṣe ni pé ó wá ìbẹ̀rù tó tóbi jù lọ lọ́kàn ẹni tó fẹ́ rà, ó sì fi ìdáhùn ìbẹ̀rù yẹn ṣáájú ọ̀rọ̀.

Kí wá ni ìbẹ̀rù ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgúnyán? Kì í ṣe pé bóyá ẹ̀rọ náà á yí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹ̀rọ á yí. Kókó ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tó mọ iyán jẹ ń bẹ̀rù pé ohun tó máa jáde á ní kókó, tàbí pé á rọ̀ bí iṣu lílọ̀, tí kò ní fà. Àwọn ìbẹ̀rù mìíràn wà: ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré á lè gbé e, ṣé kò ní pariwo jù, báwo la ṣe ń fọ abẹ tó wà nísàlẹ̀. Olùtajà kò nílò láti méfò. Kó ṣí fóònù rẹ̀, kó ka ohun táwọn oníbàárà kọ́kọ́ máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kó kà á tó ogún ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó bá ń wá ṣáájú iye owó, òun ni ìbẹ̀rù yẹn. Ọ̀kan péré ni ìṣẹ́jú àáyá 10 lè gbà. Ẹni tó bá kó mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kankan kò ní wọlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ tuntun náà lè lọ báyìí. Kò sí òkùnkùn, kò sí àmì iléeṣẹ́. Láti àwòrán àkọ́kọ́, ọwọ́ kan wà nínú àwo, kámẹ́rà sún mọ́ ọn gan-an, ọwọ́ náà bu iyán, iyán fà, ooru ń rú. Lórí àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Iyán yìí kò rí odó.” Ìṣẹ́jú àáyá 3 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìka tẹ iyán náà pẹrẹsẹ mọ́ àwo, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ohùn obìnrin náà sì wọlé: “Ẹ wò ó, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wo kókó níbẹ̀.” Ó di àáyá 7. Kámẹ́rà yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ tòun ti abọ́ iṣu sísè tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́. “Ẹ̀rọ yìí ló gún un. Ẹ jẹ́ kí n gún òmíràn lójú yín.” Àáyá 10 pé. Ní àáyá 12, iṣu ti ń wọ inú ẹ̀rọ.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí olùtajà bá fi iyán tó ti jinná hàn nìkan, oníyèméjì á ní wọ́n fi odó gún un lẹ́yìnkùlé ni. Ìlérí pé a ó gún òmíràn lójú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó dúró wò bóyá òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí apá tó tẹ̀ lé e kò fi gbọdọ̀ ní gígé tó ń fa ìfura. Bí ẹ̀rọ náà bá ń lo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, tí olùtajà sì fẹ́ sáré apá yẹn, kó gbé aago sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí òǹwòran máa rí i bí ọwọ́ aago ṣe ń sáré. Ẹni tó bá gé e láìfi aago hàn ti ba ohun tó fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ́ jẹ́.

Yíya ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò ná ju ìyẹn àtijọ́ lọ. Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni kí wọ́n yà á, nígbà tí iyán bá ti jáde tó sì ń gbóná, kí fóònù wà lórí nǹkan tí kò ní mì, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa wá láti ẹ̀gbẹ́ kí ooru lè hàn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà sókè pẹ̀lú aago. Bí kò bá wọ inú àáyá 10 láìkánjú, wọ́n ní láti gé ọ̀rọ̀ kúrò; kí wọ́n má sáré sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkíni wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùtajà Yorùbá ti ń kọ́kọ́ ta kò ó, wọ́n sì ní ìdí. Ẹni tí kò kí èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìkíni kò kúrò nínú fídíò tuntun. Ó kàn sún sẹ́yìn ni. Nígbà tí iṣu ń wọ inú ẹ̀rọ ní àáyá 12, tí ọwọ́ dí tí ẹnu kò dí, ibẹ̀ ni “ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́” ti bá a mu, ó sì dùn gbọ́, torí pé ẹni tí à ń kí ti wọlé. Ẹni tó bá sì rò pé àṣà wa kò mọ bí a ṣe ń tètè bẹ̀rẹ̀, kó rántí apàlọ́. Ó pe àlọ́, àwọn ọmọ dáhùn, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì sọ fún wọn ẹni tí àlọ́ náà dá lé lórí. Kí ọmọ kankan tó sún, ó ti mọ̀ pé Ìjàpá ló ń bọ̀.

Àṣìṣe kan wà tó sábà máa ń wáyé nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò òun ń lé èèyàn lọ. Á fi ariwo kún un. Orin á le sí i, àwòrán á máa fò, òun fúnra rẹ̀ á máa kígbe pé “ẹ má lọ o, ẹ dúró wo ìparí fídíò yìí, ẹnu á yà yín!” Ariwo kì í dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣì ń béèrè bóyá ohun tóun ń wá nìyí, ohun tó sì gbọ́ ni pé kóun má lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa lọ.

Nígbà mìíràn, fífi àbájáde pa mọ́ ló tọ́, kì í ṣe fífi hàn. Iléeṣẹ́ Blendtec ní ìpínlẹ̀ Yútà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn kedere. Tom Dickson tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ máa ń fi pákó dán bùlẹ́ńdà tó bá ṣe wò, bóyá á lè lọ̀ ọ́. George Wright, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí ìpolówó ọjà níbẹ̀, rí ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì rí i pé fídíò nìyẹn. Lọ́dún 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ọjà tí wọ́n rà fún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà kò ju nǹkan bí dọ́là 50 lọ. Nínú ọ̀kan, Dickson da bọ́ọ̀lù onígíláàsì wẹ́wẹ́ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré sínú bùlẹ́ńdà. Lọ́dún 2007, ó ju fóònù iPhone tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú rẹ̀. Ohun tó ń lọ̀ kì í yé yí padà, ìbéèrè tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í yí padà: ṣé ó máa lọ̀?

Wọn kò fi ìyẹ̀fun fóònù hàn níbẹ̀rẹ̀, èèyàn sì dúró, torí pé nǹkan méjèèjì tó wà nínú ìbéèrè náà ti wà lójú: fóònù rèé, bùlẹ́ńdà rèé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iyán kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo fídíò ẹ̀rọ ìgúnyán láti mọ̀ bóyá iyán á jáde. Bí iyán náà ṣe rí ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Nítorí náà, bí àbájáde bá jẹ́ ohun ìyanu, ẹ fi ohun èlò hàn kẹ́ ẹ sì mú àbájáde dání. Bó bá jẹ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ gbé lọ sílé, ẹ gbé e síwájú. Ohun tí kì í ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì ni kéèyàn má fi ohunkóhun hàn.

Báwo ni olùtajà ṣe máa mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ òun ló ní àbùkù, tí kì í ṣe àárín fídíò tàbí ọjà fúnra rẹ̀? Lórí YouTube, ìlà kan wà ní abala `Analytics` fún fídíò kọ̀ọ̀kan tó ń fi iye àwọn tó ṣì ń wò hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà náà máa ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ibi tó ti rọ̀ àti bó ṣe rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá já lulẹ̀ láàárín àáyá 3, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkọlé tàbí àwòrán ojú fídíò ṣèlérí ohun kan, ohun mìíràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Bó bá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àáyá 4 sí 15, ìkíni àti ìtàn iléeṣẹ́ ló ń lé wọn. Bó bá dúró dáadáa títí dé àáyá 10 kó tó já, ìbẹ̀rẹ̀ dára, àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e kò mú ìlérí ṣẹ. YouTube fúnra rẹ̀ máa ń kọ iye àwọn tó kù ní àáyá 30 síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ti àáyá 10 gbọ́dọ̀ fi ìka tàbí ọfà kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé ìlà náà fúnra rẹ̀.

Ká ní èèyàn 200 ṣí fídíò àtijọ́ ti obìnrin wa, 84 ló kù ní àáyá 10. Ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ tuntun jáde, nínú 200 tó ṣí i, 118 ló kù. Èyí jọ ohun gidi. Ṣùgbọ́n ká ní 20 péré ló wò ó, ẹni kan ṣoṣo á gbé ìlà náà sókè tàbí sísàlẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ ìyá rẹ̀ tó wò ó títí dé òpin sì lè tàn án jẹ. Kó dúró dìgbà tí wọ́n bá pọ̀. Kó wo ibi tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú: bí ìlà tuntun náà bá já ní àáyá 14, tó sì jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń ṣí páálí ẹ̀rọ, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, páálí ló máa gé.

Ohun kan wà tí ìlà náà kì í dárúkọ. Ramesh Sitaraman àti Shunmuga Krishnan ṣe ìwádìí kan lọ́dún 2012 lórí fídíò tí wọ́n wò nígbà tó lé ní mílíọ̀nù 20, wọ́n sì rí i pé bí fídíò bá pẹ́ ju àáyá 2 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀. Àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá tún lé sí i ń lé nǹkan bí ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Olùtajà kò lè tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Ohun tó lè ṣe ni pé kó má fi òkùnkùn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí fídíò ti ń yí lójú rẹ̀ fún àáyá 3, tó wá rí òkùnkùn, á rò pé kò tíì ṣí ni. Bákan náà, lórí ọ̀pọ̀ ojú-ewé, fídíò máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdún títí èèyàn á fi fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí “Iyán yìí kò rí odó” fi wà ní kíkọ lójú àwòrán. Kí olùtajà pa ohùn fóònù rẹ̀, kó wo àáyá 10 náà, kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ó yé e.

Bí ohun tó kù kò bá ju gígé lọ, kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú `YouTube Studio`, abala `Editor` ní ohun tí wọ́n pè ní `Trim & cut`. Òun ni wọ́n fi ń gé òkùnkùn, àmì iléeṣẹ́ àti ìkíni kúrò lára fídíò tó ti wà níta, líǹkì rẹ̀ kò sì ní yí padà, iye àwọn tó ti wò ó náà kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n kò gba kéèyàn fi àwòrán tuntun kún iwájú. Gbígbé iyán síwájú gba kí wọ́n gbé fídíò tuntun síbẹ̀ pẹ̀lú líǹkì tuntun.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló sọnù. Ẹlòmíì rí iyán náà ní àáyá 6, ó gbà gbọ́, ó jáde lọ pe nọ́ńbà. Lójú ìlà, ẹni yẹn jọ ẹni tí ọjà náà sú. Nítorí náà, kí olùtajà kọ iye ìpè tó ń wọlé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ti ṣáájú àti ti lẹ́yìn, kó sì wo méjèèjì pọ̀.

Lápá ìsàlẹ̀ ìlà náà, nígbà mìíràn, ibì kan á dédé ga sókè. Ibi tí àwọn èèyàn ti fà á padà láti tún wò ni. Bó bá jẹ́ níbi tí obìnrin wa ti tú abẹ jáde, tó fi omi ṣan ọ̀rá iṣu kúrò lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì ààbọ̀ ló ti ga, ó ti rí ìbẹ̀rù kejì. Fídíò tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ tó kún fún iyán gbígbẹ, omi ẹ̀rọ ń dà lé e lórí, ọwọ́ kan sì dì í mú lábẹ́ omi náà láìsí kàn-ìn-kàn-ìn.